Èkó, Lọ́ńdọ̀nù, Dọ́bùlìn, Tòróǹtò: irú tíkẹ́ẹ̀tì wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ kí ẹbí ní ìlú mẹ́ta?

Ìrìnàjò kan la ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá kan ń gbé Èkó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Dọ́bùlìn ní Àyálàńdì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà ní Tòróǹtò ní Kánádà, níbi tí ìyàwó ilé ti lóyún. Màmá fẹ́ kúrò nílé lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní, kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Dọ́bùlìn, kó wá lọ wẹ ọmọ tuntun ní Tòróǹtò títí di ọjọ́ 25 oṣù keje. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ra ìrìnàjò yìí, a ó sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rírọrùn.

Àkọ́kọ́ ni kí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ibùdó. Màmá yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò sì ra àlọ-àbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sí Dọ́bùlìn àti àlọ-àbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sí Tòróǹtò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni yóò máa padà sí lẹ́yìn ìlú kọ̀ọ̀kan.

Èkejì ni èyí tí àwọn ajẹ́ǹtì ń pè ní ópùn-jọ́ọ̀: tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gbé èèyàn láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, tó sì gbé e láti Tòróǹtò padà sí Èkó. Àárín tó ṣófo yẹn, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Tòróǹtò, kò sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá ni yóò wá bí yóò ṣe rìn ín. Bí ẹ bá rí `ARNK` nínú ìwé tí ajẹ́ǹtì tẹ̀ fún yín, àlàfo yẹn ló ń sọ, kì í ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀kẹta ni tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pọ̀-ìlú. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, Dọ́bùlìn sí Tòróǹtò, Tòróǹtò sí Èkó, gbogbo rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ti mú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́ńdọ̀nù sí Dọ́bùlìn nìkan ló kù síta, nítorí pé ó kúrú, ó sì pọ̀ lọ́jà débi pé kò sí èrè nínú fífi í sínú tíkẹ́ẹ̀tì ńlá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ópùn-jọ́ọ̀ jẹ́ àlọ nìkan méjì tí a so pọ̀, nítorí náà wọ́n rò pé yóò wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń mú ìlàjì owó àlọ-àbọ̀ Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, á fi kún ìlàjì owó àlọ-àbọ̀ Èkó sí Tòróǹtò. Àlọ nìkan lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àlọ-àbọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá lọ ra àlọ nìkan mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn fi máa ń sanwó ju gbogbo èèyàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣe é. Kì í ṣe owó ọjà òní. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní àlọ-àbọ̀ Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ₦1,500,000, tí ti Èkó sí Tòróǹtò jẹ́ ₦2,300,000. Ìlàjì àkọ́kọ́ jẹ́ ₦750,000, ìlàjì kejì jẹ́ ₦1,150,000. Ópùn-jọ́ọ̀ Màmá di ₦1,900,000. Ká tún ní Lọ́ńdọ̀nù sí Dọ́bùlìn jẹ́ ₦120,000 ní àlọ nìkan, Dọ́bùlìn sí Tòróǹtò ₦600,000 ní àlọ nìkan, Lọ́ńdọ̀nù sí Tòróǹtò ₦1,000,000 ní àlọ-àbọ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pọ̀-ìlú sì jáde sí ₦2,450,000. Ẹrù ńkọ́? Ká ní báàgì tí a san owó rẹ̀ láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Dọ́bùlìn jẹ́ ₦50,000 ẹyọ kan, báàgì kejì tó rékọjá òkun Àtìláńtíìkì sì jẹ́ ₦90,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

| | Ibùdó Lọ́ńdọ̀nù | Ópùn-jọ́ọ̀ | Ọlọ́pọ̀-ìlú |
|---|---|---|---|
| Tíkẹ́ẹ̀tì tó ti Èkó wá | ₦1,500,000 | ₦1,900,000 | ₦2,450,000 |
| Dọ́bùlìn | ₦240,000 | ₦120,000 | ₦120,000 |
| Ìrékọjá sí Tòróǹtò | ₦1,000,000 | ₦600,000 | ó ti wà nínú rẹ̀ |
| Ẹrù | ₦280,000 | ₦190,000 | ₦190,000 |
| Àpapọ̀ | ₦3,020,000 | ₦2,810,000 | ₦2,760,000 |

Níbi ẹrù, ní ibùdó Lọ́ńdọ̀nù, báàgì kan péré ni Màmá gbé lọ sí Dọ́bùlìn tó sì gbé padà, torí ìyókù wà nílé ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ó san owó báàgì kejì lẹ́ẹ̀mejì sí Tòróǹtò. Nínú ọ̀nà méjì yòókù, báàgì méjèèjì ló bá a dé Dọ́bùlìn, nítorí kò ní padà sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́.

₦50,000 ló wà láàárín ópùn-jọ́ọ̀ àti ọlọ́pọ̀-ìlú. Owó tó kéré tó báyìí kò gbọdọ̀ jẹ́ òun ni yóò pinnu. Lóòótọ́, ní ọjọ́ mìíràn àwọn méjèèjì lè pààrọ̀ ipò.

Ohun kan wà tó farapamọ́ sínú owó ibùdó Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ìjọba Bìrìtéènì ń gba owó-orí lórí èrò tó bá fò kúrò ní ilẹ̀ wọn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, ní ìjókòó tí owó rẹ̀ kéré jù, £15 ni sí ibi tó sún mọ́ bíi Dọ́bùlìn, £102 sì ni sí ibi tó jìnnà bí Èkó tàbí Tòróǹtò. Ẹni tó bá sọ Lọ́ńdọ̀nù di ibùdó yóò san £102 nígbà tó ń lọ Tòróǹtò, á tún san £102 nígbà tó ń padà sí Èkó, á sì san £15 sí Dọ́bùlìn: £219 lápapọ̀. Ẹni tó bá gba Dọ́bùlìn kọjá sí Tòróǹtò yóò san £15 péré, nítorí Àyálàńdì kì í gba irú owó-orí yẹn. Bí ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti Tòróǹtò bá tilẹ̀ yà ní Hítírò, kò sí owó-orí lórí rẹ̀, tí ó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan tí kò sì pẹ́ ju wákàtí 24 lọ níbẹ̀. Bó bá fi ọjọ́ méjì sùn sí ilé ọmọ rẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú, £102 ti wọlé nìyẹn. Wákàtí 24 yìí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń lò láti mọ ẹni tó kàn ń pààrọ̀ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó dúró sí ìlú, nínú ìrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ọjọ́ wo ló lè yẹ̀?

Ibí yìí gan-an ni ìpinnu wà. Wọ́n máa ń sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ló láàbò, nítorí pé bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò wá ọkọ̀ mìíràn fún èèyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún: ọjọ́ tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan tí ẹ sì wọ òmíràn. Ẹni tó ń kí ẹbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín ìgbà tí Màmá dé Lọ́ńdọ̀nù àti ìgbà tó lọ Dọ́bùlìn. Bí ọkọ̀ Èkó bá pẹ́ ní wákàtí mẹ́sàn-án, kò sí ohun tó bàjẹ́ níwájú. Nítorí náà, ẹ má ṣe sanwó láti ra ààbò tí ẹ kò ní lò.

Ewu tó wà lọ́nà tiyín yàtọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ẹ̀wọ̀n, tí a gbọ́dọ̀ lò tẹ̀lé ara wọn. Bí èèyàn kò bá yọjú fún apá kan, tí kò sì pe ilé-iṣẹ́ náà kí ọkọ̀ tó gbéra, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yóò fagi lé gbogbo apá tó kù. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí Màmá lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pọ̀-ìlú. Ara àbúrò rẹ̀ kò yá ní Dọ́bùlìn, ó sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ọkọ̀ Tòróǹtò lọ láìsí òun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún un láti Dọ́bùlìn, ó dé Tòróǹtò, gbogbo nǹkan dára. Oṣù keje dé, ó dé pápákọ̀ òfurufú láti padà sílé, wọ́n ní kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí kò yọjú ní Dọ́bùlìn ni wọ́n ti pa ìrìnàjò Èkó rẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é láti sọ.

Lórí ópùn-jọ́ọ̀, Dọ́bùlìn sí Tòróǹtò kò sí lórí ẹ̀wọ̀n náà rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kún un yóò ná an ní owó àyípadà tíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan tàbí tíkẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Tòróǹtò sí Èkó ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ní ibùdó Lọ́ńdọ̀nù náà, bí tíkẹ́ẹ̀tì Tòróǹtò bá tilẹ̀ jóná pátápátá, àbọ̀ sí Èkó kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: ọjọ́ wo nínú ìrìnàjò yìí ni kò dúró sójú kan? Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ ìgbéyàwó máa ń dúró. Ọjọ́ tí ilé-ìwé àwọn ọmọ ń wọlé máa ń dúró. Ẹ fi ọjọ́ tó dúró sínú tíkẹ́ẹ̀tì ńlá, kí ẹ fi èyí tí kò dúró síta. Fún Màmá, ọjọ́ tó ń kúrò ní Èkó dájú, ọjọ́ tó ń padà dájú díẹ̀, àárín ni kò dájú. Ópùn-jọ́ọ̀ ló bá a mu jù, lójú tiwa, bí ó tilẹ̀ wọ́n ní ₦50,000.

Níbo ni ọlọ́pọ̀-ìlú ti borí? Níbi tí gbogbo ọjọ́ bá ti dúró. Ẹni tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́, tó fẹ́ lọ ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé, kó fi ọjọ́ márùn-ún kí ẹ̀gbọ́n ní Dọ́bùlìn, kó sì fi ìyókù sí Tòróǹtò, kò ní ìdí láti ra àárín lọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò bá sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá yí padà. Bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀ Dọ́bùlìn, àwọn ni yóò wá òmíràn.

Ibùdó Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ọ̀nà òmùgọ̀ bó ti wọ́n tó. Bí físà Kánádà kò bá tíì jáde ní ọjọ́ tí Màmá gbọ́dọ̀ gbéra, òun nìkan ni kò fi owó sínú ewu, nítorí ẹni tó ra ópùn-jọ́ọ̀ tí kò sì rí físà gbà ti ní àbọ̀ láti ìlú tí kò lè wọ̀. Wọ́n lè yí i sí Lọ́ńdọ̀nù fún un, pẹ̀lú owó àyípadà àti ìyàtọ̀ iye, bí irú tíkẹ́ẹ̀tì náà bá gbà á láàyè. Ewu tí ibùdó Lọ́ńdọ̀nù ní wà ní ìparí: tíkẹ́ẹ̀tì Tòróǹtò dópin ní Lọ́ńdọ̀nù, tíkẹ́ẹ̀tì Èkó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Ẹ fi òru méjì ó kéré tán sáàárín wọn, kí ẹ má sì ra ọkọ̀ tó ń dé Gátíwíìkì láàárọ̀ fún òmíràn tó ń kúrò ní Hítírò lálẹ́.

Físà ló ń yan ọ̀nà, kì í ṣe owó

Bìrìtéènì, Àyálàńdì àti Kánádà: físà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fún pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Àwọn kan rò pé físà Bìrìtéènì ń ṣí Dọ́bùlìn, nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ sí aṣọ́bodè láàárín ìlú méjèèjì. Kì í ṣí i. Àyálàńdì kò sí nínú Ṣẹ́ńgẹ̀n pẹ̀lú, nítorí náà físà Faransé tàbí Jámánì kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Físà ìbẹ̀wò Àyálàńdì kì í ju ọjọ́ 90 lọ. Bìrìtéènì kì í fún àlejò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, Kánádà náà sì máa ń fún un ní oṣù mẹ́fà ní ẹnu ibodè.

Ní ti àkókò, pásípọ́ọ̀tù kan kì í wà ní ibi méjì, nítorí náà ẹ ka oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Ìjọba Bìrìtéènì àti ti Àyálàńdì gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí físà tó jáde. Ẹ jẹ́ kí ajẹ́ǹtì tẹ ètò ìrìnàjò tí a kò tíì sanwó rẹ̀ fún yín, kí ọjọ́ inú rẹ̀ sì bá èyí tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù mu. Ibi tí àwọn ọjọ́ kò ti bára mu láàárín fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni wọ́n ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè.

Wàhálà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu wà nínú àbọ̀. Ká ní físà Bìrìtéènì ti Màmá jẹ́ ti oṣù mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kìíní. Ọjọ́ 5 oṣù keje ló kú. Ọjọ́ 25 oṣù keje ni ọkọ̀ rẹ̀ láti Tòróǹtò yóò yà ní Hítírò. Ní ọjọ́ tó rà á, físà rẹ̀ wà láàyè, kò sẹ́ni tó rí nǹkan. Ní ọjọ́ tó fẹ́ lò ó, kò sí físà mọ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn nílò físà ìrékọjá láti pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí físà Kánádà rẹ̀ ṣì wà lójú ọjọ́ ní àforíjì, àmọ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú-ewé ìjọba Bìrìtéènì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń rà á, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lò ó. Èyí tó fọkàn ẹni balẹ̀ jù ni kí àbọ̀ gba Àdísì Àbábà, níbi tí ọkọ̀ Ethiópíà ti máa ń gba Tòróǹtò wá, tí èèyàn sì ń dúró sínú pápákọ̀ òfurufú láìwọ ìlú.

Ti Ṣẹ́ńgẹ̀n náà ní ìlà tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà nílò físà ìrékọjá láti pààrọ̀ ọkọ̀ ní Páríìsì, Fránkífọ́ọ̀tù tàbí Ámísítádámù, bí kò tilẹ̀ jáde kúrò nínú pápákọ̀. Físà Kánádà tó wà lójú ọjọ́ ń yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, yálà Kánádà ló ń lọ tàbí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ti lo físà Kánádà tó ń padà bọ̀ láti ibẹ̀. Físà Bìrìtéènì nìkan kì í yọ èèyàn mọ́ láti ìgbà tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù. Nítorí náà, ẹni tó gba físà Bìrìtéènì nìkan, tó wá ra Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gba Páríìsì nítorí pé ó dínwó, ni wọ́n lè dá padà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní Ìkẹjà. Ẹni tí físà Kánádà ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kò ní ìṣòro yẹn. Bí ẹ bá lè gba ti Kánádà ṣáájú, ẹ gbà á.

Ohun kan ṣì kù tó kan ópùn-jọ́ọ̀ nìkan. Nígbà tí Màmá bá dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè ní Hítírò, wọ́n á bi í nígbà tó máa kúrò. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ pé Tòróǹtò ni yóò ti padà, ní oṣù keje. Kò sí ohun kankan lórí rẹ̀ tó fi hàn pé yóò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ra Lọ́ńdọ̀nù sí Dọ́bùlìn kí ẹ tó gbéra, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí físà Àyálàńdì àti ti Kánádà sì wà nítòsí. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò wọ́n, a sì lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà.

Ẹrù

Ẹrù tó ń jáde láti Èkó máa ń wúwo, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fún èrò Èkó ní báàgì méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Dọ́bùlìn, àwọn ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń fúnni ní àpò kékeré kan péré tó wọ abẹ́ ìjókòó. Ìyókù, owó ni. Dọ́bùlìn sí Tòróǹtò lè jẹ́ báàgì kan, tàbí òdo lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù. Ilé-iṣẹ́ Àyálàńdì àti ti Kánádà fúnra wọn ló ń fò ó tààrà, ẹ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ.

Ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ajẹ́ǹtì sọ lẹ́nu. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀gbẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí `2PC`, `1PC` tàbí `0PC`: iye báàgì nìyẹn. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pọ̀-ìlú, Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lè kọ `2PC`, kí Dọ́bùlìn sí Tòróǹtò kọ `1PC`, bó tilẹ̀ jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti há jù ni òṣùwọ̀n yín gidi. Ẹ di ẹrù sí i.

Kò wúlò kí ẹrù Tòróǹtò wúwo jù, nítorí pé òun ni yóò gba ojú gbogbo ibi há kọjá. Gàrí, èlùbọ́ àti aṣọ òkè tó wúwo, ẹ fi fún ẹni tí ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ìpín ẹni ìkẹyìn jẹ́ èyí tó fúyẹ́. Ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ rárá: Bìrìtéènì, Àyálàńdì àti Kánádà kò gba ẹran láti Nàìjíríà wọlé. Ibodè mẹ́ta ni Màmá yóò kọjá, kì í ṣe ẹyọ kan.

Bí ẹrù bá pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ kékeré gbà lọ, ọkọ̀ ojú irin láti Yústọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù dé Họ́líhẹ́ẹ̀dì, kí èèyàn sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé Dọ́bùlìn, wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní `SailRail`. Ó gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́ kan, ìrìnàjò lórí omi nìkan sì lé ní wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà wọn báàgì lórí òṣùwọ̀n. Fún ẹni ọdún 70, a kò ní dábàá rẹ̀ láìsí ẹni tó máa bá a gbé ẹrù. Físà Àyálàńdì ṣì pọn dandan.

Bí a ṣe ń wá a

Lórí Google Flights, níbi tó ti kọ `Round trip`, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ yan `Multi-city`. Ẹ lo kóòdù ìlú dípò kóòdù pápákọ̀ kan, kí ó lè wo gbogbo pápákọ̀ ìlú náà: `LON` fún Lọ́ńdọ̀nù, `YTO` fún Tòróǹtò. `LOS` ni Èkó, `DUB` ni Dọ́bùlìn. Ìlà méjì ni fún ópùn-jọ́ọ̀:

```
LOS  LON  10 Jan
YTO  LOS  25 Jul
```

Ìlà mẹ́ta ni fún ọlọ́pọ̀-ìlú:

```
LOS  LON  10 Jan
DUB  YTO  17 Apr
YTO  LOS  25 Jul
```

Iye tí ẹ rí lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo ìrìnàjò, kì í ṣe ti ìlà yẹn nìkan, ó sì lè gòkè bí ẹ ṣe ń yan ìlà tó kù. Ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi àwọn tíkẹ́ẹ̀tì àárín kún ti ópùn-jọ́ọ̀, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé yín lọ bá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń gbé yín bọ̀, tí wọn kò sì ní àdéhùn, iye náà á fò sókè lójijì, nítorí pé wọn kò lè pín ìlàjì-ìlàjì mọ́. Ẹ gbìyànjú ilé-iṣẹ́ kan náà ní àlọ àti àbọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà 13 ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni tíkẹ́ẹ̀tì: `125` ni ti British Airways, `014` ti Air Canada, `053` ti Aer Lingus ti Àyálàńdì, `071` ti Ethiopian Airlines. Bí ẹni tó tà á bá sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, ṣùgbọ́n tí àlọ ní nọ́ńbà kan tí àbọ̀ sì ní òmíràn tí kò jọ ọ́, àlọ nìkan méjì ni wọ́n tà fún yín. Àfi bí apá rẹ̀ bá ju mẹ́rin lọ: tíkẹ́ẹ̀tì kan kì í gbà ju apá mẹ́rin lọ, nítorí náà wọ́n máa ń fún ìyókù ní nọ́ńbà tó tẹ̀lé e gan-an, àwọn méjèèjì á sì jọ ṣe bí ẹyọ kan.

Ẹ béèrè ohun méjì kí owó tó jáde lápò: èló ni àyípadà ọjọ́, àti pé oṣù mélòó ni tíkẹ́ẹ̀tì náà lè gùn. Tíkẹ́ẹ̀tì a máa tó ọdún kan, àmọ́ àwọn tó dínwó wà tí kò gbà ju oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lọ láti ọjọ́ tí èèyàn gbéra. Ìrìnàjò Màmá lé ní oṣù mẹ́fà. Bí irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá jáde lórí ìkànnì, kò ní gbà á láti mú ọjọ́ 25 oṣù keje, yóò kàn fi iye tó ga jù hàn án. Ẹ sún àbọ̀ sí ọjọ́ 8 oṣù keje kí ẹ wò ó: bí iye náà bá já wálẹ̀ gan-an, ààlà oṣù mẹ́fà lẹ rí yẹn. Ẹ̀yin ni ẹ ó mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tuntun tó owó náà.